Ètò Àtúnkà Ọlọ́sẹ̀ Mẹ́ta fún Ìdánwò Ìmọ̀ Ìṣàn Omi àti Afẹ́fẹ́

Àbúrò mi, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Ajé, 27 oṣù Keje, ni ìdánwò rẹ, nítorí náà ọjọ́ Ajé, 6 oṣù náà, ni kí o bẹ̀rẹ̀. Ya wákàtí méjì sọ́tọ̀ ní ìdájí àti ọ̀kan ní alẹ́. Má ṣe jókòó ti ìwé láìmú bíró dání, nítorí ìṣirò ni wọn yóò ní kí o ṣe.

Ọ̀sẹ̀ kìíní (6 sí 12): Lo Ajé sí Ọjọ́rú fún omi tó dúró jẹ́ẹ́. Fọ́múlà ìfúnpá, p = ρgh, kò le; ibi tí agbára omi ti ń ṣiṣẹ́ lára ilẹ̀kùn ìsédò ló ń gba máàkì lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Mú ilẹ̀kùn tó dúró ṣánṣán, tó fẹ̀ ní mítà 2, tó ga ní mítà 3, tí orí rẹ̀ sì bá ojú omi dọ́gba: agbára náà jẹ́ 1000 × 9.81 × 1.5 × 6, ìyẹn 88,290 N, ṣùgbọ́n mítà 2 sí ojú omi ni ó ti ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe mítà 1.5. Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì jẹ́ ti A₁V₁ = A₂V₂ àti òfin Bernoulli. Ṣe ìbéèrè ọdún tó kọjá ní Àbámẹ́ta, kí o sì sinmi ní Àìkú.

Ọ̀sẹ̀ kejì (13 sí 19): Páìpù nìkan ni, torí òun ni mo gbà pé ó wúwo jù. Kọ́kọ́ wá nọ́ńbà Reynolds, Re = ρVD/μ, kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Bí omi bá ń sáré ní mítà 2 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan nínú páìpù tí ìbú ẹnu rẹ̀ jẹ́ mítà 0.05, tí μ sì jẹ́ 0.001 Pa·s, Re yóò jẹ́ 100,000. Ó ti kọjá 4000 jìnnà, nítorí náà ìṣàn rúdurùdu ni, má sì lo f = 64/Re fún un. Lẹ́yìn èyí ni àdánù tí ìfarakanra ń fà nínú páìpù, hf = fLV²/(2gD), kàn. Jọ̀wọ́, fara balẹ̀ síbí: àwọn ìwé kan ń kọ 4f sínú fọ́múlà yìí, f tiwọn sì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin tàwọn yòókù. Wo èyí tí olùkọ́ rẹ ń lò, kí o sì dúró tì í. Fi rúlà ka àwòrán Moody lójoojúmọ́ títí ọwọ́ rẹ yóò fi mọ́ ọn.

Ọ̀sẹ̀ kẹta (20 sí 26): Ajé, agbára omi níbi tí páìpù ti tẹ̀, Ìṣẹ́gun, ọ̀nà Buckingham. Láti Ọjọ́rú sí Àbámẹ́ta, ṣe odindi ìbéèrè ọdún kan lójúmọ́, kí o gbé aago síwájú, kí o sì kọ ẹyọ ìwọ̀n sí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ní Àìkú, àwọn ìṣirò tí o ṣì nìkan ni kí o tún ṣe. Yẹ bátìrì ẹ̀rọ ìṣirò rẹ wò, kí o sì sùn ní aago mẹ́wàá.