Ìṣirò táǹkì tó ń jò: ìbéèrè ẹ̀ lédè wa, àti bí a ṣe máa yanjú ẹ̀

Àbúrò, mo ti rí ìṣirò tó o fi ránṣẹ́. Kò le rárá o, gbólóhùn ẹ̀ ló kàn lọ́ mọ́ra wọn, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́kọ́ tú u sí Yorùbá. Kà á lẹ́ẹ̀mejì kó o tó mú bírò.

Ìbéèrè

Táàpù méjì ló ń da omi sínú táǹkì kan. Tí wọ́n bá ṣí táàpù A nìkan, wákàtí 6 ni táǹkì máa fi kún. Tó bá jẹ́ táàpù B nìkan ni wọ́n ṣí, wákàtí 4 ló máa fi kún. Àmọ́ ihò kan wà nídìí táǹkì yìí. Tí táǹkì bá kún, tí wọ́n sì ti táàpù méjèèjì pa, wákàtí 12 ni gbogbo omi inú ẹ̀ máa fi jò tán.

(a) Táǹkì ò ní omi kankan nínú, wọ́n wá ṣí táàpù méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ihò náà sì ń jò. Wákàtí mélòó ni táǹkì máa fi kún?

(b) Ká ní wọ́n ti táàpù B pa lẹ́yìn wákàtí kan àbọ̀, tí A ṣì ń ṣàn, tí ihò náà ò sì dákẹ́ jíjò. Wákàtí mélòó ni táǹkì máa fi kún, látìgbà tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣí omi?

Ká tó bẹ̀rẹ̀

Mo mọ ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí ẹ lọ́kàn: 6 + 4, ká wá yọ 12 kúrò. Ìyẹn á fún ẹ ní −2. Táǹkì wo ló máa kún ní wákàtí méjì kó tó di pé wọ́n ṣí táàpù? A kì í ro wákàtí pọ̀ nírú ìṣirò yìí. Tí èèyàn méjì bá jọ ń gbá yàrá kan, iṣẹ́ wọn là ń rò pọ̀, àsìkò tí wọ́n fi ń ṣe é á sì dínkù. Nítorí náà ìbéèrè tó yẹ kó o bi ara ẹ ni pé: nínú wákàtí 1 péré, kí ni kálukú wọn ṣe? Tó o bá ti dáhùn ìyẹn, gbogbo ìyókù á rọrùn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: iṣẹ́ wákàtí kan

Táàpù A ń fi wákàtí 6 kún táǹkì kan, ìyẹn ni pé tá a bá pín táǹkì sí ọ̀nà 6, ọ̀nà kan ló ń kún ní wákàtí kan.

A: 1/6 táǹkì ní wákàtí 1
B: 1/4 táǹkì ní wákàtí 1
Ihò: 1/12 táǹkì ló ń dà nù ní wákàtí 1

Wò ó dáadáa, nọ́ńbà ìsàlẹ̀ tó kéré jù ló ní iṣẹ́ tó pọ̀ jù. B yá ju A lọ, torí 1/4 tóbi ju 1/6 lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń dà á rú níbí, wọ́n á ní 6 ju 4 lọ nítorí náà A ló yá jù, rárá o, ẹni tó pẹ́ jù lórí iṣẹ́ kan náà ló lọ́ra jù.

Ìgbésẹ̀ kejì: èwo là ń rò, èwo là ń yọ

A àti B ń da omi wọlé, ṣe la máa rò wọ́n pọ̀. Ihò ń da omi síta, a máa yọ tiẹ̀ kúrò.

1/6 + 1/4 − 1/12

Nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ò dọ́gba, torí náà a ní láti wá nọ́ńbà tó kéré jù tí 6, 4 àti 12 lè pín láìṣẹ́kù. 12 fúnra ẹ̀ ni.

1/6 = 2/12
1/4 = 3/12
1/12 ò yí padà

2/12 + 3/12 − 1/12 = 4/12 = 1/3

Ìyẹn ni pé nínú wákàtí kan, ìdá kan nínú mẹ́ta táǹkì ló máa kún, lẹ́yìn tí ihò bá ti gba tiẹ̀ tán.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ìdáhùn (a)

Tí 1/3 bá kún ní wákàtí kan, 2/3 á kún ní wákàtí méjì, odindi táǹkì á wá kún ní wákàtí mẹ́ta. Tó o bá fẹ́ kọ ọ́ bí tíṣà ṣe fẹ́ ẹ:

1 ÷ 1/3 = 1 × 3 = 3

Ìdáhùn (a): wákàtí 3.

Ṣé ó bọ́gbọ́n mu? Ká ní kò sí ihò, 5/12 ni ì bá máa kún ní wákàtí kan, 12 ÷ 5 sì jẹ́ 2.4, ìyẹn wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 24. Ihò ló ń fà á sẹ́yìn, torí náà ìdáhùn gbọ́dọ̀ ju ìyẹn lọ. 3 ju 2.4 lọ, ó dáa bẹ́ẹ̀.

(Ní ti gidi, ihò kì í jò bákan náà látòkè délẹ̀, tí omi bá ti ń lọ sílẹ̀ ni agbára tó fi ń jáde ń dínkù. Àmọ́ ìbéèrè yìí fẹ́ ká gbà pé bákan náà ló ń jò, jẹ́ ká gbà bẹ́ẹ̀.)

Ìgbésẹ̀ kẹrin: (b)

Ibí ló ti dùn. Ọ̀nà méjì ni ká pín iṣẹ́ yìí sí, kó tó di pé wọ́n ti B pa, àti lẹ́yìn tí wọ́n ti í pa.

Ní wákàtí kan àbọ̀ àkọ́kọ́, 1/3 ló ń kún ní wákàtí kan:

3/2 × 1/3 = 3/6 = 1/2

Ìdajì táǹkì ti kún, ó ku ìdajì. Wọ́n wá ti B pa, ó ku A àti ihò:

1/6 − 1/12 = 2/12 − 1/12 = 1/12

Kíyè sí i o, iṣẹ́ wọn ti já wálẹ̀ gan-an, látorí 4/12 sí 1/12. Ìdajì tó kù jẹ́ 6/12, 1/12 ló sì ń kún ní wákàtí kan, torí náà:

1/2 ÷ 1/12 = 1/2 × 12 = 6

Wákàtí 6 nìyẹn. Má kàn kọ 6 kó o sì sá lọ, àpapọ̀ wákàtí látìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n bi ẹ́. 1½ + 6 = 7½.

Ìdáhùn (b): wákàtí 7 àbọ̀.

Ká yẹ̀ ẹ́ wò

A ṣiṣẹ́ fún wákàtí 7½: 7½ × 1/6 = 1.25 táǹkì
B ṣiṣẹ́ fún wákàtí 1½: 1½ × 1/4 = 0.375 táǹkì
Ihò jò fún wákàtí 7½: 7½ × 1/12 = 0.625 táǹkì

1.25 + 0.375 − 0.625 = 1

Odindi táǹkì kan gééré, kò lé kò dín.

Ọ̀kan rèé kó o fúnra ẹ ṣe, má sọ fún mi pé ó ti rẹ̀ ẹ́: ká ní ihò yẹn fẹ̀ débi pé wákàtí 4 ló fi ń da gbogbo omi nù, tí wọ́n sì ṣí B nìkan, wákàtí mélòó ni táǹkì máa fi kún? Ṣe ìgbésẹ̀ kìíní àti ìkejì nìkan, kó o fi ohun tó o bá rí ránṣẹ́ sí mi kó o tó sùn.