Bitwarden ti di dandan: ẹ kó ọ̀rọ̀ aṣínà yín kúrò nínú Chrome

Ẹ̀yin ará iṣẹ́ wa ní Adó, Ìkẹ́rẹ́ àti Ìjerò, ẹ kú iṣẹ́.

Láti aago 4 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Bitwarden nìkan la ó máa fi tọ́jú ọ̀rọ̀ aṣínà iṣẹ́. Kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, títí kan ọ̀gá àgbà. Ẹni tó bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tí ẹ ṣí sílẹ̀ lè lo gbogbo ohun tí Chrome ti fi pamọ́. Ká má tiẹ̀ sọ ti bébà pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà ní yàrá àwọn akápò.

Ìwé ìpè Bitwarden ti wà nínú ímeèlì yín. Ẹ yan ọ̀rọ̀ aṣínà àgbà tó gùn, ọ̀rọ̀ 4 tàbí 5 tí kò bára tan. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe orúkọ ọmọ yín.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ èyí sókè Chrome:

```
chrome://password-manager/settings
```

Ẹ tẹ Download file; fáìlì CSV ni yóò wọlé. Ní vault.bitwarden.com, ẹ lọ sí Tools, Import data, ẹ mú Chrome, ẹ yan fáìlì náà, kí ẹ sì tẹ Import data.

Ibí gan-an ni kí ẹ ti ṣọ́ra: ìhòòhò ni gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà yín wà nínú fáìlì yẹn. Ẹ má fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ má gbé e sórí fúláàṣì. Bí ẹ bá ti rí i pé gbogbo rẹ̀ wọlé, ẹ pa á rẹ́, kódà nínú Recycle Bin. Ẹ wá pa àwọn tó kù nínú Chrome rẹ́, kí ẹ sì pa Offer to save passwords.

Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, ẹ pa CSV náà rẹ́, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. A wà ní yàrá kọ̀ǹpútà títí di aago 5.