Ìkéde fún gbogbo òṣìṣẹ́: kọ̀ǹpútà yóò pa, yóò sì tún ara rẹ̀ tàn ní ọjọ́ Ẹtì

Láti ọ̀dọ̀ Ẹ̀ka Kọ̀ǹpútà, Alágbàka, Àkúrẹ́
Sí gbogbo òṣìṣẹ́ níhìn-ín, àti àwọn ará wa ní ẹ̀ka Òǹdó àti Ọ̀wọ̀
Ọjọ́ Ajé, 10 oṣù kọkànlá, 2025

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì yìí, 14 oṣù kọkànlá, àkọlé kan yóò yọ lójú gbogbo kọ̀ǹpútà tí ẹni tó ń lò ó kò tíì fọwọ́ ara rẹ̀ tún tàn. Ìṣẹ́jú 15 ni yóò fún yín. Tí ìṣẹ́jú náà bá pé, ẹ̀rọ yóò ti gbogbo ohun tó wà ní ṣíṣí, yóò pa, yóò sì tún ara rẹ̀ tàn. Lọ́jọ́ mìíràn, tí ẹ bá fẹ́ pa kọ̀ǹpútà, Word máa ń bi yín bóyá kí ó fi iṣẹ́ yín pamọ́. Ní ọjọ́ Ẹtì, kò ní béèrè. Ohun tí ẹ kò bá fi pamọ́ ti lọ nìyẹn, àwa náà kò sì ní lè bá yín wá a jáde.

Ẹni tó bá ti tún tirẹ̀ tàn láàárín aago méjìlá ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ sí aago mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì kò ní rí àkọlé náà rárá. Ẹ̀bẹ̀ wa gan-an nìyẹn: ẹ má dúró dè é.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù ni àwọn tó ṣe Windows máa ń gbé àtúnṣe ààbò jáde. Ti oṣù yìí bọ́ sí ọ̀la. Lórí kọ̀ǹpútà tiwa ni a óò ti kọ́kọ́ dán an wò ní Ọjọ́rú, kí a rí i pé ètò ìṣírò owó àti àwọn pírínńtà ṣì ń ṣiṣẹ́, kí a tó fi ránṣẹ́ sí tiyín. Yóò máa wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ lọ, ẹ lè má mọ̀ rárá. Ṣùgbọ́n àwọn fáìlì kan wà ní ìdí Windows tó ń lò lọ́wọ́ láti ìgbà tí ẹ bá ti tan ẹ̀rọ. A kì í pààrọ̀ táyà ọkọ̀ lórí eré. Àfi kí ó kọ́kọ́ dúró.

Àwọn kan nínú yín máa ń tẹ "Remind me later" títí ọ̀sẹ̀ yóò fi pé, nítorí iṣẹ́ pọ̀. A mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí WannaCry, kòkòrò kọ̀ǹpútà ti ọdún 2017. Oṣù kẹta ọdún náà ni àtúnṣe tó lè dí ihò tó gbà wọlé ti jáde. Ní 12 oṣù karùn-ún, ó bẹ́ sílẹ̀, ó wọ orílẹ̀-èdè tó lé ní 150, ó ti fáìlì àwọn ènìyàn pa, ó sì ń béèrè owó kó tó ṣí i. Àwọn ilé ìwòsàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní láti dá aláìsàn padà. Orúkọ, nọ́ńbà àkáǹtì àti àdírẹ́sì àwọn ará ìlú ló wà nínú kọ̀ǹpútà tiwa. Wọ́n fọkàn tán wa ni wọ́n fi kó o fún wa.

Ẹ ti bi wá pé kí ló dé tí a kò fi ṣe é lóru. Ọ̀rọ̀ iná ni. Tí iná bá lọ nígbà tí ẹ̀rọ ṣì wà lórí "Working on updates", ó lè má tàn mọ́ lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ jẹnẹrétọ̀ kì í ṣiṣẹ́ lóru. Lọ́jọ́ Ẹtì, jẹnẹrétọ̀ yóò wà ní títàn títí di aago mẹ́fà, ènìyàn kan yóò sì wà nídìí rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo kọ̀ǹpútà alágbèéká, ẹ fi wáyà rẹ̀ sí iná, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé bátìrì. Ẹ má sì pa ìbòrí rẹ̀ dé.

Wàyí o, ohun tí ẹ óò fi pamọ́. Ẹ wo òkè Word tàbí Excel yín. Tí ó bá jẹ́ Document1 tàbí Book1 ni ẹ rí níbẹ̀, ìwé yẹn kò tíì ní orúkọ, kò sì tíì sí níbikíbi. Ẹ tẹ Ctrl+S, ẹ fún un lórúkọ, kí ẹ sì fi í sínú fódà ẹ̀ka yín lórí sẹ́fà. Ẹ má fi sílẹ̀ lórí Desktop. Tí ó bá ti ní orúkọ, ẹ ṣì tẹ Ctrl+S. Àwọn kan gbà pé AutoSave ń bá wọn ṣe é. Fáìlì tó wà lórí OneDrive tàbí SharePoint nìkan ni ìyẹn ń ṣiṣẹ́ fún, orí sẹ́fà wa níhìn-ín sì ni tiwa wà. AutoRecover náà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá ló máa ń ṣe tirẹ̀ bí ẹ kò bá yí i padà. Ohun tí ẹnì kan lè tẹ̀ sínú Excel láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá kì í ṣe kékeré.

Èyí tó ń ká wa lára jù ni fọ́ọ̀mù orí íńtánẹ́ẹ̀tì, irú èyí tí ẹ ń kún fún owó orí tàbí owó ìfẹ̀yìntì. Ctrl+Shift+T lè dá ojú ewé padà fún yín, ṣùgbọ́n ẹ má retí pé ohun tí ẹ ti kọ sínú àpótí yóò ṣì wà níbẹ̀. Ẹ parí rẹ̀ kí aago mẹ́rin tó lù, tàbí kí ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀. Bákan náà ni ẹ̀yin ará ẹ̀ka ìṣírò owó: ẹ má fi owó tí ẹ ń kọ wọlé sílẹ̀ ní ìdajì.

Kọ̀ǹpútà iwájú, níbi tí a ti ń gba àlejò, gba àkíyèsí tirẹ̀. Bí ẹnì kan bá lo "Switch user" kó tó lọ jẹun, iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí lábẹ́ tìrẹ, ìwọ kò sì rí i. Kí ẹni tó bá fẹ́ tún un tàn kọ́kọ́ bi ẹnì kejì rẹ̀.

Ẹ yọ fíláàṣì kúrò, ẹ jẹ́ kí pírínńtà tẹ èyí tó wà lọ́wọ́ tán. Ẹ sì rí i pé ẹ rántí páásíwọ́ọ̀dù yín, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ kì í pa ẹ̀rọ láti oṣù dé oṣù.

Tí ẹ bá fẹ́ tún un tàn fúnra yín, "Update and restart" ni kí ẹ tẹ̀. Bí "Restart" nìkan ni ẹ rí, ẹ tẹ ìyẹn. Ẹ má kàn tẹ "Shut down", kí ẹ sì rò pé ó ti tó. Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà wa, ìdí Windows kì í pa tán pátápátá lọ́nà yẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ ní sùúrù fún un. Ó lè lo ìdajì wákàtí. Ẹ má tẹ bọ́tìnì iná mọ́lẹ̀. Tí ó bá ju wákàtí kan lọ lórí nọ́ńbà kan náà, tàbí tí ó bá béèrè "BitLocker recovery key", ẹ má méfò, ẹ wá pè wá.

Ẹni tó bá ní iṣẹ́ tí kò ṣeé dá dúró ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí ó sọ fún wa kí aago méjìlá ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ tó lù. A óò sún tirẹ̀ sí Ọjọ́ Ajé, 17. Òkè kejì, ilẹ̀kùn tó tẹ̀lé ẹ̀ka ìṣírò owó, ni ẹ ti máa rí wa. Kí àwọn ará Òǹdó àti Ọ̀wọ̀ sọ fún alábòójútó ẹ̀ka wọn, yóò pè wá.

Olórí Ẹ̀ka Kọ̀ǹpútà