Sí gbogbo ẹ̀ka ìrànlọ́wọ́: nígbà tí oníbàárà bá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin ará mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Mo jókòó ti àwọn ìjíròrò ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun kan sì ń jẹ mí lọ́kàn tí mo fi ní kí n kọ̀wé sí yín. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń kọ "Ẹ ǹlẹ́" nìkan ni, tàbí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, tàbí tí àtẹ̀jíṣẹ́ wọn dé tí kò sí nǹkankan nínú rẹ̀ rárá.

Oníbàárà kan kọ "Owó." Kò sí òmíràn. Kí ìṣẹ́jú kan tó pé, ọ̀kan nínú wa ti fi ojú ìwé iye owó ọjà wa ránṣẹ́ sí i, ó ní ó dàbọ̀, ó pa ìjíròrò dé. Lọ́jọ́ kejì ni obìnrin náà gbé ìbínú dé: ẹ̀ẹ̀mejì la yọ owó ọjà kan ṣoṣo lápò rẹ̀. Inú ọkọ̀ ló wà nígbà tó kọ́kọ́ kọ̀wé. Bó ṣe tẹ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tán ni ìka rẹ̀ kan ibi tí wọ́n fi ń ránṣẹ́. Kó tó tẹ èyí tó kù, a ti tilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Mi ò ní dárúkọ ẹni tó ṣe é, torí kì í ṣe òun nìkan, mo sì mọ ohun tó fà á. Èmi ni mò ń ka ìṣẹ́jú mọ́ yín lọ́wọ́. Láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, irú ìjíròrò bẹ́ẹ̀ ò ní sí lára èyí tí a fi ń wọn bí ẹ ṣe yára tó, àfi ìgbà tí oníbàárà bá ti sọ ohun tó bá wá. Ẹ fọkàn balẹ̀.

Èyí tó ṣófo pátápátá náà kì í sábà jẹ́ eré. Ó lè jẹ́ àwòrán tí kò wọlé tán, tàbí ohùn tí ẹ̀rọ wa ò gbé. Bó bá jẹ́ ímeèlì, ẹ kọ́kọ́ wo àkọlé. Àwọn kan máa ń ro gbogbo ẹjọ́ wọn síbẹ̀, wọn á wá fi inú lẹ́tà sílẹ̀ lófìfo. Èmi náà ti dá ẹnì kan lóhùn rí pé kò kọ nǹkankan, ẹjọ́ rẹ̀ sì wà lókè gbàgàdà. Ojú tì mí lọ́jọ́ náà.

Nítorí náà, ẹ mú sùúrù fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, pàápàá bí ẹ bá rí i pé ẹni náà ṣì ń tẹ̀wé. Bí kò bá sí nǹkan, ẹ kí i, ẹ sọ ohun tó dé ọwọ́ yín, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè kan péré. Ohun tó yẹ ká kọ sí obìnrin yẹn nìyí:

"Ẹ kú déédéé ìwòyí o. A rí ọ̀rọ̀ yín nípa owó. Ṣé owó tí ẹ ti san ni, àbí ẹ fẹ́ mọ iye tí wọ́n ń ta nǹkan?"

"Èyí tí mo san" ti tó láti fi dá a lóhùn. Ẹni tí kò ráyè kọ ju ọ̀rọ̀ kan lọ, tí ẹ wá da ìbéèrè méje bò, nọ́ńbà ọjà, ọjọ́ tó rà á, irú fóònù tó ń lò, sísá ni yóò sá.

Fún èyí tó ṣófo:

"Ẹ ǹlẹ́ o. Àtẹ̀jíṣẹ́ yín dé, ṣùgbọ́n a ò rí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ àwòrán tàbí ohùn lẹ fi ránṣẹ́, kò wọlé. Kí la lè bá yín ṣe?"

Ẹ lè yẹ àkáǹtì wọn wò kí ẹ tó dáhùn, àmọ́ ẹ má kàn yọ ọ́ sí wọn. Ẹni tó ní "Ẹ ǹlẹ́" lásán, tí ẹ ní "A rí i pé ẹ ra bàtà lánàá," àyà rẹ̀ á já.

Méjì wà tí kò gba sùúrù. Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ "Jìbìtì" tàbí "Olè", ẹ pe àwọn tó ń ṣọ́ àkáǹtì lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ fún oníbàárà pé ẹ ti pè wọ́n. Ìbéèrè á tẹ̀ lé e. Èkejì ni nọ́ńbà mẹ́fà tó dá dúró. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kóòdù ìwọlé ni ẹnì kan ní kó fi ránṣẹ́. Ẹ má lò ó, ẹ pa á rẹ́ kúrò nínú ìjíròrò, kí ẹ sọ fún un pé a kì í béèrè rẹ̀, kó má fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá bi í pé ta ló ní kó mú un wá.

Bí ẹni náà bá dákẹ́, ẹ kọ̀wé sí i lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́jọ́ kejì, kí ẹ tó pa á dé. Ẹ yan "Kò fèsì", ẹ má yan "A ti yanjú rẹ̀".

Ní ìpàdé ọjọ́ Ẹtì, kí kálukú mú ọ̀kan wá nínú tirẹ̀, èyí tó ṣe dáadáa tàbí èyí tó bàjẹ́. Èmi á mú ímeèlì mi yẹn wá.

Èmi ni tiyín,
Alábòójútó ẹ̀ka ìrànlọ́wọ́