Èmi Tàbí Àwa: Ìpolówó Ọjà Láàárín Àṣà Méjì, Láti Ojú Ọjà Kábbà

Ilé iṣẹ́ tó bá ń ta ọjà kan náà ní Ṣìkágò àti ní Kábbà, ìlú kan ní ilẹ̀ Okun ní Ìpínlẹ̀ Kogí, sábà máa ń rò pé èdè nìkan ló yẹ kí òun yí padà. Wọ́n á ní kí wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ inú ìpolówó sí Yorùbá, kí wọ́n yọ òyìnbó kúrò nínú àwòrán, kí wọ́n fi ọmọ ilẹ̀ wa rọ́pò rẹ̀, ó parí nìyẹn. Àmọ́ ohun tó ya ìlú méjèèjì sọ́tọ̀ jìn ju èdè lọ. Nínú àwùjọ kan, ẹni kan ṣoṣo ni ìpolówó ń bá sọ̀rọ̀, ẹni tó gbà pé ìfẹ́ inú òun ló yẹ kí òun fi ná owó òun. Nínú èkejì, ẹni tí ìpolówó ń bá sọ̀rọ̀ kò dá wà: ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, àbúrò tó ń san owó ilé ìwé fún wà níbẹ̀, ẹgbẹ́ àti ìjọ náà ń wò ó. Nínú àròkọ yìí, mo máa pe ti àkọ́kọ́ ní àṣà èmi, ti ìkejì ní àṣà àwa. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé àwọn apolówó tó mọ ìyàtọ̀ yìí pàápàá ń ṣì í lò. Wọ́n rò pé tí èrò bá ti pọ̀ nínú àwòrán, àṣà àwa ti dé nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, ohun tí ará ọjà Kábbà ń wá nínú ìpolówó ni ẹni tí yóò dáhùn bí nǹkan bá bàjẹ́.

Iṣẹ́ Geert Hofstede, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, la sábà máa ń bá pàdé lákọ̀ọ́kọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó lo èsì ìwé ìbéèrè tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà IBM kọ láàárín 1967 sí 1973, èsì tó lé ní 100,000, ó sì gbé ìwé rẹ̀ jáde ní 1980. Nínú àtẹ rẹ̀, bí máàkì orílẹ̀-èdè kan bá ṣe ga tó ni àṣà èmi ṣe lágbára níbẹ̀ tó. Amẹ́ríkà gba 91, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì 89, Japan 46. Nígbà tó fi àwọn mìíràn kún un, Gúúsù Kòríà gba 18, Guatemala sì gba 6. Wọ́n kó Nàìjíríà, Gánà àti Sierra Leone pọ̀ sínú àpò kan ṣoṣo tí wọ́n pè ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n fún gbogbo wọn ní 20.

Máàkì yìí wúlò, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi búra. Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì IBM ní ọdún 1970, pẹ̀lú táì lọ́rùn, kò lè ṣojú obìnrin tó ń ta iṣu ní Ìsánlú, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti ará Kánò tàbí ará Kùmásí. Olùwádìí Brendan McSweeney sọ irú rẹ̀ ní 2002, pé a ò lè fi òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan wọn odindi orílẹ̀-èdè. Hofstede fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé àwùjọ ni máàkì náà ń ṣàpèjúwe, kì í ṣe ènìyàn kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún 2002 yẹn kan náà, Daphna Oyserman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ, wọ́n sì rí i pé ìwà àwa kò kéré lára àwọn aláwọ̀ funfun Amẹ́ríkà ju ti ará Japan tàbí Kòríà lọ. Èmi àti àwa lè jọ gbé inú ẹni kan. Apolówó tó bá gbàgbé ìyẹn ti pàdánù ìdajì iṣẹ́ rẹ̀.

Ìwádìí tó kan ìpolówó gan-an ni ti Sang-Pil Han àti Sharon Shavitt, tó jáde ní 1994. Wọ́n ṣí àwọn ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà àti ti Kòríà, wọ́n ń wo ohun tí ìpolówó inú wọn fi ń fa ènìyàn. Ti Amẹ́ríkà ń sọ̀rọ̀ ìgbádùn ara ẹni, àṣeyọrí ara ẹni, dídá dúró. Ti Kòríà ń sọ̀rọ̀ ìdílé, ìrẹ́pọ̀ àti àǹfààní fún ẹgbẹ́. Wọ́n wá fi oríṣi ìpolówó méjèèjì han àwọn ènìyàn ní ilẹ̀ méjèèjì, ti ìdílé sì wọ àwọn ará Kòríà lọ́kàn ju ti ara ẹni lọ, nígbà tó jẹ́ òdì kejì fún àwọn ará Amẹ́ríkà. Ibi tó dùn jù nínú iṣẹ́ náà rèé, ibẹ̀ gan-an ni àwọn tó ń tọ́ka sí i máa ń fò kọjá: ìyàtọ̀ yìí hàn jù lórí ọjà tí ènìyàn ń bá ẹlòmíràn lò pọ̀. Lórí ọjà tí ẹnì kan ń dá lò, kò fi bẹ́ẹ̀ hàn.

Ìbéèrè tó wá kàn ni pé, kí ni à ń dá lò ní ilẹ̀ Okun? Ní ìwé, fóònù jẹ́ ohun tí ẹnì kan ń dá lò. Ní agboolé kan ní Ìyàrà, fóònù màmá ni gbogbo ilé fi ń gba ìpè àwọn ọmọ tó wà l'Ábújá, ọmọ ọmọ ló sì ń bá wọn tẹ̀ ẹ́. Jẹnẹrétọ̀ tí ẹnì kan rà, tí iná bá ti lọ, aládùúgbò á kó ṣájà wá. Ọ̀kadà tí ọmọkùnrin kan fi owó iṣu rà, kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti gbé bàbá lọ sí ọsibítù, ó ti gbé àpò gàrí àbúrò ìyá lọ sọ́jà. Nítorí náà, ilé iṣẹ́ tó bá fi ìwé atọ́nà Amẹ́ríkà pín ọjà rẹ̀ sí ti ara ẹni àti ti àjùmọ̀lò yóò ṣi apá púpọ̀ nínú rẹ̀ pín níhìn-ín. Kí ó kọ́kọ́ béèrè iye ọwọ́ tí ọjà náà máa kọjá lára wọn.

Heejung Kim àti Hazel Markus fi nǹkan kékeré kan ṣe àyẹ̀wò tiwọn, tó jáde ní 1999. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn mú kálàmù kan nínú márùn-ún, tí àwọ̀ wọn kò dọ́gba. Àwọn ará Amẹ́ríkà sábà mú àwọ̀ tó kéré jù nínú wọn, àwọn ará Ìlà-Oòrùn Éṣíà mú èyí tó pọ̀. Tí wọ́n bá gbé kálàmù náà wá sí ibi ìgbéyàwó ní Mọ̀pà, ì bá yà wọ́n lẹ́nu. Aṣọ ẹbí ni gbogbo wa wọ̀, àwọ̀ kan, ọjà kan, iye kan. Ṣùgbọ́n ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, kí ẹ gbọ́ bí obìnrin kọ̀ọ̀kan ṣe ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí sítáì òun. Ọ̀kan ní kí wọ́n fi lésì sí apá, èkejì ní kí ẹ̀yìn ṣí díẹ̀, ẹ̀kẹta ní kí ọrùn dúró. Inú aṣọ àwa ni èmi ti ń jó. Olùwádìí Harry Triandis ní orúkọ fún ohun tó jọ èyí: ó ní àṣà àwa kan wà tó dúró lóòró, níbi tí ipò àti ọlá ti ní ìpele nínú ẹgbẹ́ náà. Ilẹ̀ tí a ti ń jẹ oyè, tí àwọn obìnrin Bùnú ti ń hun aṣọ ìpo pupa fún òkú ẹni ńlá láyé àtijọ́, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìpele fún un.

Èyí ló jẹ́ kí ìpolówó Guinness tí wọ́n fi Michael Power, akọni inú ìtàn àròsọ, ṣe láti 1999 sí 2006 yé mi. Tí a bá tẹ̀lé àtẹ Hofstede nìkan, ọkùnrin alágbára tó ń dá ìṣòro kojú kò yẹ kó rí ojú rere ní Áfíríkà. Ó rí i. Ẹ wo ohun tí agbára rẹ̀ ń ṣe: ó ń gba ènìyàn sílẹ̀ ni. Òun àti akọni orí ẹṣin inú ìpolówó sìgá Amẹ́ríkà, tó dá wà nínú pápá pẹ̀lú ìjánu ẹṣin rẹ̀ lọ́wọ́, kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ìpolówó MTN tí ọkùnrin kan ti pe ìyá rẹ̀ pé ìyàwó òun ti bímọ ọkùnrin náà mọ ẹni tí ìròyìn ayọ̀ yẹ kó kọ́kọ́ lọ bá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí wọ́n ṣe gbé ọmọkùnrin ga nínú rẹ̀ kò dára lójú ọ̀pọ̀, èmi náà wà lára wọn.

Ẹ jẹ́ ká wo ti ilé wa. Ilé iṣẹ́ kan tó ń gba owó pamọ́ sórí fóònù lẹ pósítà kiri ẹ̀gbẹ́ ọjà Kábbà. Ọ̀dọ́kùnrin kan ló wà nínú rẹ̀, ó jókòó sórí àga tìmùtìmù, ó fi nǹkan bọ etí, ó ń rẹ́rìn-ín sí fóònù. Lábẹ́ rẹ̀: «Owó rẹ, ayé rẹ». Àwọn obìnrin tó ń dá àjọ níwájú pósítà náà kò bínú sí i; wọn ò rí i rárá ni. Nígbà tí mo béèrè lọ́wọ́ ọ̀kan tó ń ta èlùbọ́, ó wo àwòrán náà, ó ní, «Ta ni màá mú níbẹ̀ bí owó bá sọnù?» Ilé iṣẹ́ náà wá pa á dà: wọ́n yọ ọmọkùnrin náà, wọ́n kó obìnrin méje sí i, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Kò sí ohun tó yí padà. Ìbéèrè ẹlẹ́lùbọ́ náà ṣì wà nílẹ̀, nítorí kò mọ ìkankan nínú àwọn méje.

Ohun tí mo máa gbé sórí rédíò fún wọn rèé:

— Okun o! Ìyá Ṣadé, níbo lẹ kó owó àjọ sí lọ́sẹ̀ yìí?
— Orí fóònù ni. Ọmọ Bàbá Títì, oníPOS ẹ̀gbẹ́ ọjà, ló forúkọ wa sílẹ̀.
— Bí a ò bá wá rí owó náà ńkọ́?
— A mọ ilé bàbá ẹ̀ nù un! Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ò sì ní ẹsẹ̀.
— Ó dáa, ẹ kọ orúkọ tèmi náà sí i.

Ohùn méjì péré ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àṣà àwa kún inú rẹ̀. Àmọ́ ilé iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ ní oníPOS yẹn lóòótọ́, ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, kó sì dáhùn nígbà tí wọ́n bá lọ bá a. Ìpolówó kò lè yá ènìyàn ní ojú tí kò ní.

Ọmọ Okun tó wà l'Ékòó tàbí Ábújá tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, nítorí òun ló ń sanwó, ará ilé ló ń lò ó. Ìpolówó páànù ìkọ́lé lè bá a sọ̀rọ̀ èmi ní ìlú ńlá, pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ti yọrí, kó sì bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ àwa ní Ẹ̀gbẹ̀, pé Kérésìmesì tó ń bọ̀, abẹ́ òrùlé ọmọ wọn ni gbogbo ẹbí máa jókòó sí. Páànù kan náà ni.

Ibì kan wà tí mi ò fẹ́ kí apolówó dé o. Ó rọrùn láti fi ìtìjú ta ọjà fún ẹni tí ojú ẹgbẹ́ ṣe pàtàkì sí: «gbogbo wọn ti ní i, ìwọ nìkan ló kù». Ó ń tà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo ti rí ẹni tó yáwó ra aṣọ ẹbí, tó sì ń san gbèsè náà nígbà tí ẹni tó ṣe ìgbéyàwó ti bímọ. Oníbàárà bẹ́ẹ̀ kì í gbàgbé ẹni tó sún òun dé ibẹ̀, àti pé nínú àwùjọ àwa, kì í dá ìyẹn mọ̀. Ó máa ròyìn rẹ̀ fún àwọn tó jọ ń dá àjọ.