Lẹ́tà sí Tọ́pẹ́ lórí ìpolówó iṣẹ́ mẹ́ta tó fi ránṣẹ́ sí mi

Tọ́pẹ́, àbúrò mi,

Mo rí ìpolówó iṣẹ́ mẹ́ta tí o fi ránṣẹ́ lálẹ́ àná. Mo mọ̀ pé ìkejì ni ọkàn rẹ wà, torí abẹ́ rẹ̀ lo kọ "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn" sí. Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì kí n tó jókòó kọ lẹ́tà yìí.

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún ọ rí. Lọ́dún tí mo jáde ilé ìwé, ọ̀rẹ́ mi kan fi irú ìpolówó báyìí ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ní mo ti yege, kí n san owó fọ́ọ̀mù. Mo san án. Ó di owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ó tún di owó aṣọ iṣẹ́. Ọjọ́ tí mo bèèrè ibi tí ọ́fíìsì wọn wà ni wọ́n yọ mí kúrò nínú gúrúùpù. Ọ̀rẹ́ mi ò sì parọ́ fún mi o. Ọwọ́ ẹlòmíràn lòun náà ti gbà á. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń wo ẹni tó fi ìpolówó ránṣẹ́ mọ́. Èyí àkọ́kọ́ tí o fi ránṣẹ́ ní "Forwarded many times" lórí: ó ti gba ọwọ́ èèyàn márùn-ún, ó kéré tán, kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ta ló wá mọ ẹni tó kọ ọ́?

Ibi tí owó ń gbà ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Agbanisíṣẹ́ ló ń san owó fún òṣìṣẹ́. Àdéhùn 181 tí Àjọ Àgbáyé fún Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́ ṣe ní 1997 fi í ṣe ìlànà pé àwọn ilé iṣẹ́ tó ń báni wáṣẹ́ kò gbọdọ̀ gba owó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, ní tààrà tàbí lọ́nà ẹ̀bùrú. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ yẹn, tí wọ́n ní kí o máa tẹ fídíò kí wọ́n máa sanwó fún ọ, wọ́n á san díẹ̀ fún ọ lóòótọ́ níbẹ̀rẹ̀ kí ọkàn rẹ lè balẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ní kí o fi owó tìrẹ sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó tóbi lè ṣí sílẹ̀ fún ọ. Owó yẹn ò ní padà wá. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí o gba owó sínú àkáǹtì rẹ kí o fi ránṣẹ́ síbòmíràn, sá. Orúkọ rẹ lọlọ́pàá máa rí.

Ìkejì ló lé oorun lójú mi. Iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì nílẹ̀ òkèèrè, owó ńlá, kò béèrè ìrírí kankan, àwọn ni yóò ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, síbẹ̀ wọn ò dárúkọ òtẹ́ẹ̀lì náà. Orí Telegram nìkan ni wọ́n ti fẹ́ fọ̀rọ̀ wá ọ lẹ́nu wò, nípa títẹ ọ̀rọ̀, láìrí ojú ẹnikẹ́ni. Wọ́n tún ń béèrè àwòrán ìwé ìrìnnà rẹ lónìí, wọ́n ní àyè méjì péré ló kù. Tọ́pẹ́, ní 2023, ọ́fíìsì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn sọ pé ó kéré tán, ó ṣeé ṣe kí 120,000 èèyàn wà ní Myanmar àti nǹkan bí 100,000 ní Cambodia tí wọ́n ń fi ipá mú láti máa lu jìbìtì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìlérí iṣẹ́ gidi ni wọ́n fi tan ọ̀pọ̀ wọn débẹ̀, àwọn tó kàwé sì wà nínú wọn. Mi ò sọ pé ibẹ̀ ni wọ́n ń mú ọ lọ. Ṣùgbọ́n o ò gbọdọ̀ fi ìwé ìrìnnà rẹ ránṣẹ́. Bi wọ́n léèrè orúkọ òtẹ́ẹ̀lì náà, kí o fúnra rẹ wá nọ́ńbà rẹ̀ níbòmíràn, kí o pè wọ́n. Má pe nọ́ńbà tí wọ́n bá fún ọ.

Ìkẹta ò dán lójú, àbí? Owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, ó sì sọ iṣẹ́ tí o máa ṣe gan-an. Mo lọ sí ojú òpó ilé iṣẹ́ náà fúnra mi, mi ò tẹ líǹkì inú gúrúùpù. Iṣẹ́ náà wà níbẹ̀. Mo fi àdírẹ́sì ímeèlì wọn wé ti orí ojú òpó, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, torí àwọn gbájú-ẹ̀ lè fi òdo rọ́pò lẹ́tà "o". Wọ́n bára mu.

Ọjọ́ Ẹtì ni ìkẹta máa parí. Fi ìwé ìwáṣẹ́ rẹ ránṣẹ́ sí mi lọ́la ká jọ wò ó. Yọ ọjọ́ ìbí àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ kúrò nínú rẹ̀, wọn ò nílò wọn kí wọ́n tó gbà ọ́.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ,
Bísí