Ẹ kú ọjọ́ ìbí, Bàbá wa

Ẹ kú àárọ̀ o, Bàbá wa. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, sà. Ẹ kú oríire, ẹ kú ewu ọgọ́rin ọdún.

Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa Dùgbẹ̀ ìgbà yẹn, nígbà tí wọ́n ń kọ́ Ilé Kòkó lọ́wọ́, kí ó tó parí ní 1965. Ibi tí ẹ ti sọ pé bàbá yín gbé ọwọ́ lé yín ní èjìká, tí ó ní, "Owó kòkó wa nìyẹn," mo kà á sókè fún àwọn ọmọ mi. A dúpẹ́ pé ẹ rántí, ẹ sì sọ fún wa. Aṣọ òkè àti fìlà abetí ajá inú fọ́tò tí ẹ fi sí i yẹ yín gan-an.

Olúwa yóò fi àlàáfíà kún ọjọ́ orí yín. Ojú yín kò ní ṣókùnkùn, orúnkún yín kò ní dùn yín. Ẹ kò ní fi ojú sunkún ọmọ. Ìyá wa náà á bá yín kalẹ́, ẹ ó jọ jẹun ọmọ pẹ́, láṣẹ Èdùmàrè.

Èmi ọmọ yín láti Bẹẹrẹ, sà.